Ẹgbàárùn-ún tí kì í pé

Ẹni tó ń gbé abúlé tí iná mànàmáná kò tíì dé kì í fi páwà-bánkì ṣeré. Owó gidi ló fi ra á. Bí wọ́n bá kọ 10000 mAh sára rẹ̀, tí bátìrì fóònù rẹ̀ sì jẹ́ 5000, ó gbà pé ẹ̀ẹ̀mejì ni yóò kún dé ẹnu. Kì í rí bẹ́ẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ní olè ni ẹni tó tà á. A ní kí wọ́n kọ́kọ́ bá wa ṣe ìṣirò.

Iye tí wọ́n tẹ̀ sára rẹ̀ jẹ́ ti bátìrì lítíọ́mù tó wà nínú, fóltì 3.7 sì ni ti bátìrì náà. Ṣùgbọ́n fóltì 5 ló ń gba ẹnu USB jáde. Ẹ jẹ́ kí a fi aláàárù ṣe àpẹẹrẹ. Ẹgbàárùn-ún aláàárù ru ẹrù dé ẹnubodè, kílò 3.7 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Oníbodè ní ẹrù kílò 5 nìkan ni òun ń gbà wọlé. Wọ́n tún ẹrù dì. Ẹrù kò dín rárá, síbẹ̀ 7400 aláàárù péré ló kọjá. Iye orí aláàárù ni mAh ń kà; Wh ló ń ka ìwọ̀n ẹrù, 37 Wh sì ni gbogbo rẹ̀, nínú lọ́hùn-ún àti lẹ́nu ọ̀nà.

Títún ẹrù dì kì í sì í ṣe ọ̀fẹ́. Ẹ̀rọ kékeré tó ń sọ 3.7 di 5 ń sọ díẹ̀ nínú iná di ooru. Ẹ fọwọ́ kan páwà-bánkì tó ń ṣiṣẹ́, ẹ ó rí i. Bí ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún bá lọ, nǹkan bíi 6300 ló kù. Fóònù tún ní láti rẹ fóltì 5 yẹn sílẹ̀ kí bátìrì tirẹ̀ tó gbà á, ooru tún mú ìpín tirẹ̀. Nígbẹ̀yìn, fóònù 5000 mAh yóò kún lẹ́ẹ̀kan, yóò sì kù díẹ̀ kí ó tó ìdajì lẹ́ẹ̀kejì.

Àwọn tó ṣe é mọ̀ bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn èyí tí ọmọ kan gbé wá sí kíláàsì, ní lẹ́tà tíńtín tí ojú àgbà kò lè rí, a ka `Rated Capacity: 6000 mAh (5V)`. Iye yìí ló yẹ kí oníbàárà máa wò; ó dùn wá pé 10000 ni wọ́n kọ gàdàgbà síwájú.

Ìṣirò yìí kò dá gbogbo ọlọ́jà láre. Òṣùwọ̀n ni a fi ń mọ ayédèrú. Bátìrì lítíọ́mù 37 Wh nìkan máa ń tó nǹkan bíi gíráàmù 150, láìka ike àti ẹ̀rọ rẹ̀ mọ́ ọn. Ti 20000 mAh yóò tó ìlọ́po méjì èyí. Nítorí náà, bí ẹ bá gbé èyí tí wọ́n kọ 20000 sí sórí òṣùwọ̀n, tí kò tó gíráàmù 150, ẹ dá a padà fún ẹni tó ń tà á.