Ẹ̀ka Tí Ètò Ayò Mi Kò Wò

Nígbà tí mo sọ fún àwọn tí a jọ ń ta ayò pé ètò kọ̀ǹpútà tí mo kọ kì í wo gbogbo ọ̀nà kó tó ta, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ibẹ̀ gan-an ni àwọn yóò ti máa jẹ ẹ́. Lóòótọ́ ni wọ́n ń jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí kò wò yẹn ló ń ṣe é.

Ohun tí ọ̀ta ń ṣe nínú ọkàn rẹ̀ ni ètò náà ń ṣe: bí mo bá ta báyìí, kí ni yóò fi dá mi lóhùn? Ó gbà pé alátakò yóò ta èyí tó burú jù fún òun, òun á sì yan èyí tí aburú rẹ̀ kéré jù. Ìyẹn ni mínímáàsì. Iye ọ̀nà ló ń dẹ́rù bani. Ihò mẹ́fà lèèyàn ní láti yàn nínú wọn. Bí a bá fẹ́ wo títa mẹ́wàá síwájú, ó lè di 60,466,176 ojú ọpọ́n. Nítorí náà la ṣe ń gé ẹ̀ka.

Ẹ jẹ́ ká wo ìparí ayò kan. Ihò 1 sí 6 jẹ́ tèmi, 7 sí 12 jẹ́ ti alátakò. Ọmọ kọ̀ọ̀kan ló kù nínú ihò 1, 4 àti 6 lọ́dọ̀ mi, àti nínú ihò 7, 9 àti 12 lọ́dọ̀ rẹ̀. Èmi ló kàn. Bí mo bá ta ihò 6, ihò 7 di méjì, mo jẹ méjì. Èsì tó dára jù fún un ni kó ta ihò 12, kí ihò 1 mi di méjì, kí òun náà jẹ méjì. Òdo ni. Ó kan ihò 4. Bí mo bá ta á, n kò jẹ nǹkan kan. Èsì àkọ́kọ́ tí mo yẹ̀ wò ni ihò 12 yẹn kan náà, ó sì ti jẹ mí ní méjì. Kí ni mo tún ń wo èsì rẹ̀ yòókù fún? Wọ́n lè mú kó burú sí i, wọn kò lè tún un ṣe, torí òun ni yóò yàn. Mo ti ní òdo lọ́wọ́. Mo gé e síbẹ̀.

Gbogbo ohun tí wọ́n ń pè ní álífà-bẹ́tà kò ju báyìí lọ:

```python
def wo(opon, ijinle, alfa, beta):
    if ijinle == 0 or pari(opon):
        return iye(opon)
    for i in ibi_tita(opon):
        a = -wo(ta(opon, i), ijinle-1, -beta, -alfa)
        if a >= beta:
            return beta
        alfa = max(alfa, a)
    return alfa
```

Àmì ìyọkúrò wọ̀nyẹn ló máa ń pa ènìyàn lórí. `iye` gbọ́dọ̀ máa sọ̀rọ̀ lójú ẹni tó kàn láti ta. Bí ó bá ń gbè sẹ́yìn ẹnìkan ṣoṣo nígbà gbogbo, ètò náà yóò máa fi ayọ̀ bun alátakò lọ́mọ. Láti mọ̀ bóyá gígé náà tọ́, ẹ yọ ìlà méjì tó ń gé kúrò, kí ẹ tún un ṣe lórí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ojú ọpọ́n. Iye tó bá jáde gbọ́dọ̀ bá ti àkọ́kọ́ mu rẹ́gí. Bí ó bá fi ẹyọ kan yàtọ̀, ibì kan ti dàrú.

Ohun tí gígé ń dín kù ni iṣẹ́. Knuth àti Moore ṣàlàyé rẹ̀ ní 1975: bí a bá ń kọ́kọ́ wo títa tó dára jù níbi gbogbo, 60,466,176 yẹn lè di 15,551. Ìdí nìyí tí ètò mi fi ń kọ́kọ́ wo títa tó ń jẹ nǹkan.

Nígbà náà, kí ló ń jẹ́ kí wọ́n jẹ ẹ́? Odù ni. Àwọn àgbà ọ̀ta a máa fi ọmọ pamọ́ sínú ihò kan, wọ́n á máa fi àwọn ihò kéékèèké dọ́gbọ́n, wọn kò ní fọwọ́ kan odù wọn. Ká ní odù mi wà ní ihò 6, ọmọ 15. Bí mo bá kó o, 11 yóò yí ọpọ́n ká, ihò tí mo ti kó o kì í gbà nínú rẹ̀. Mẹ́rin tó kù yóò bọ́ sí ihò 7 dé 10. Bí ihò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá ṣófo tẹ́lẹ̀, méjì méjì ni wọ́n dà. Mo kó mẹ́jọ lẹ́ẹ̀kan. Bí ọmọ kọ̀ọ̀kan bá ti wà níbẹ̀, méjìlá ni.

Ètò tí a ní kó wo títa mẹ́fà péré yóò dé ìsàlẹ̀, yóò ka ọmọ tí wọ́n ti jẹ, yóò ní òdo, nígbà tí odù náà sì ń wú lójú rẹ̀. Kò gé ẹ̀ka odù náà. Kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni. Ohun tí a fi ń mọ̀ ni pé bí ẹ bá fi títa méjì kún ìjìnlẹ̀, iye tó dúró jẹ́ẹ́ tẹ́lẹ̀ á ṣàdéédé já wálẹ̀. Mo ti wá fi nǹkan díẹ̀ kún `iye`: ẹni tó bá ní ihò tí ọmọ rẹ̀ tó 12 gba èrè. Àbá lásán ni èrè náà ṣá o, odù tí kò rí ihò jẹ kì í wúlò.

Romein àti Bal gba ọ̀nà mìíràn ní 2002, ní Vrije Universiteit ní Amsterdam. Láti ìparí ni wọ́n ti ń bọ̀ sẹ́yìn, títí wọ́n fi ka ojú ọpọ́n 889,063,398,406, wọ́n sì rí i pé bí ẹni méjèèjì kò bá ṣì í ta, ọ̀mì ni. Àwọn kò nílò àbá kankan nípa odù, nítorí wọn kò dúró níbì kankan láàárín. Kọ̀ǹpútà mi kò lè gba irú ẹrù yẹn, torí náà títa mẹ́wàá ni mo ń jẹ́ kó wò, tí mo sì ń fi kún un nígbà tí odù kan bá ti ga.