Aṣọ Ìbejì àti Òórùn Káńfọ̀

Ní Igbó-Ọrà, ìlú tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ ìbejì, aṣọ ọmọ tuntun kì í sábà jẹ́ ẹyọ kan. Bí Táíwò bá wọ funfun, Kẹ́hìndé náà yóò wọ funfun. Ìnáwó di méjì, ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ òbí fi ń yà sídìí òkìríkà, tàbí kí wọ́n ṣí àpótí ìyá àgbà. N kò rí èèwọ̀ nínú méjèèjì. Ohun méjì péré ni mo ń yẹ̀ wò: òwú àti òórùn.

Ìbejì sábà máa ń tètè dé ju ọmọ kan ṣoṣo lọ, wọn a sì kéré, awọ ara wọn a sì fẹ́lẹ́. Òwú a máa fa òógùn mu, afẹ́fẹ́ a sì máa gbà á kọjá. Aṣọ pólísítà a máa há ooru mọ́ ọmọ lára, ara rẹ̀ a sì sú wẹ́wẹ́. Nígbà tí mo ń ra aṣọ fún ìbejì àbúrò mi, ọlọ́jà ní, “Ẹ̀gbọ́n, òwú ni gbogbo wọn.” Mo bẹ̀ ẹ́ ní omi díẹ̀, mo kán an sórí aṣọ méjì. Ọ̀kan mu ún lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Lórí èkejì, omi dúró bí ìrì lórí ewé kókò. A tún fa fọ́nrán òwú kọ̀ọ̀kan yọ, a fi iná sí wọn. Ti àkọ́kọ́ rùn bí ìwé tó jóná, ó di eérú. Ti èkejì yọ́, ó di kókó líle. Èyí tó di eérú ni mo rà, mẹ́fà-mẹ́fà fún ọmọ kọ̀ọ̀kan. Wọ́n fẹ̀ díẹ̀ ju ara wọn lọ, nítorí òwú a máa súnkì bí a bá fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́.

Èyí tó léwu jù ni káńfọ̀, hóró funfun tí a ń kó sínú àpótí kí kòkòrò má baà jẹ aṣọ. Nafitalíìnì inú rẹ̀ a máa gba awọ ara àti èémí wọ inú ẹ̀jẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ nílẹ̀ wa, pàápàá ọkùnrin, ni kò ní tó nínú èròjà G6PD tí ń dáàbò bo ẹ̀jẹ̀ pupa. Bí káńfọ̀ bá dé ara irú ọmọ bẹ́ẹ̀, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè máa fọ́, ibà apọ́njú a sì dé. Bí ó bá le, ó lè ba ọpọlọ jẹ́.

Nítorí náà, kí a gbọ́ òórùn aṣọ kí a tó rà á. Bí káńfọ̀ bá ń rùn lára rẹ̀, kí a fi í sílẹ̀. Èyí tí a bá rà, kí a fi ọṣẹ tí kò ní lọ́fínńdà fọ̀ ọ́, kí a ṣàn án títí omi yóò fi mọ́, kí a sá a sóòrùn, kí a sì lọ̀ ọ́ kí ọmọ tó wọ̀ ọ́. Inú ike tó ní ìdérí ni kí a kó wọn sí, láìfi káńfọ̀ kankan sí i.

Bí ẹyinjú ọmọ bá pọ́n bí ìyeyè, tí kò sì fẹ́ mu ọmú mọ́, ilé ìwòsàn ni kí a gbé e lọ lọ́jọ́ náà gan-an. Kí a má ṣe dúró de oòrùn àárọ̀ pé yóò wò ó sàn.