Lẹ́tà Ìbéèrè fún Owó Oṣù Àsansílẹ̀

Nínú gbogbo lẹ́tà àìgbagbẹ̀fẹ̀ tí a ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní iléèwé girama, èyí tí òṣìṣẹ́ fi ń béèrè owó oṣù rẹ̀ ṣáájú àkókò ni mo rò pé ó le jù. Kì í ṣe nítorí àdírẹ́sì méjì, déètì àti àkọlé. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fetí sílẹ̀ ní kíláàsì lè to ìwọ̀nyí láìsí wàhálà. Inú lẹ́tà gan-an ni ìṣòro wà. Ẹni tó ń kọ ọ́ wà nínú ìdààmú, ojú sì ń tì í, ìtìjú a sì máa mú kí Yorùbá fi ọ̀rọ̀ pamọ́ sínú ọ̀rọ̀. Àwọn àgbà ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, bó bá dénú rẹ̀, a di odidi. Òwe yìí dára fún àgbà méjì tó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ṣùgbọ́n kò wúlò nínú lẹ́tà tí ọ̀gá yóò buwọ́ lù, tí akọ̀wé owó yóò sì fi ṣe ìṣirò. Akọ̀wé owó kò lè yọ àbọ̀ ọ̀rọ̀ kúrò nínú owó oṣù ẹnikẹ́ni.

Ọmọbìnrin kan tí mo kọ́ ní iléèwé nígbà kan rí mú irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ wá bá mi ní oṣù Karùn-ún ọdún 2025. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa ṣe àkọsílẹ̀ ìyẹ̀fun tó wọlé àti búrẹ́dì tó jáde ní ilé búrẹ́dì kan ní Ìbàdàn, ₦96,000 sì ni owó oṣù rẹ̀. Ní oṣù Kìíní ọdún náà, nígbà tí wọ́n fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún ọmọ rẹ̀, ó yá owó pàjáwìrì ₦240,000 lọ́wọ́ ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ àdúgbò wọn. Èlé rẹ̀ jẹ́ ₦24,000, gbogbo rẹ̀ sì di ₦264,000, tí yóò san fún oṣù mẹ́fà, ₦44,000 ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣooṣù. Ó ti san ẹ̀ẹ̀mẹta láìyẹ̀. Owó ẹlẹ́ẹ̀kẹrin ni ó fi tún òrùlé ṣe nígbà tí ìjì òjò àkọ́rọ̀ ṣí páànù ilé wọn. ₦12,000 péré ló ṣẹ́ kù lọ́wọ́ rẹ̀.

Bí ẹni tó jẹ gbèsè bá pẹ́, ẹgbẹ́ náà a gba ₦2,200 ìtanràn. Ìyẹn kọ́ ló ń dà á láàmú. Bí oṣù bá yí ká láìsan, wọn a fọwọ́ kan owó ìfipamọ́ àwọn onídùúró méjèèjì, bẹ́ẹ̀ ìyá aláta kan tó ń tọ́jú owó ilé ìtajà wà lára wọn. “Tíṣà, mo lè fara da kí ebi pa mí,” ó wí fún mi, “ṣùgbọ́n n kò fẹ́ kí ìyá yẹn gbọ́ orúkọ mi níbi ìpàdé.”

Ojú ìwé méjì ni lẹ́tà tó kọ́kọ́ kọ. Ó kí ọ̀gá, ó kí ìyàwó àti ọmọ, ó ṣàdúrà fún ààrò búrẹ́dì, lẹ́yìn náà ó ro àìsàn ọmọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Níkẹyìn ó ní kí wọ́n ran òun lọ́wọ́ pẹ̀lú ohunkóhun tí Ọlọ́run bá fi sí wọn lọ́kàn. “Ohunkóhun” yẹn ló ba lẹ́tà náà jẹ́. Ó sọ ìbéèrè di ìtọrẹ, ó sì sọ òṣìṣẹ́ di alágbe. Àsansílẹ̀ kì í ṣe ọrẹ. Kò sì jọ ohun tí ìwọ̀fà ń ṣe láyé àtijọ́: iṣẹ́ tí ìwọ̀fà ń ṣe fún olówó ni èlé, kò sì dín gbèsè náà kù rárá. Níbí, iṣẹ́ gan-an ló ń san owó náà.

Mo bi í léèrè pé èló ló fẹ́. Ó ní ₦88,000, kí ó lè san ti oṣù méjì pa pọ̀. Mo ní kí a ka ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́ ọn. Bí a bá yọ ₦12,000 kúrò nínú ₦44,000, ₦32,000 ló kù, iye yẹn gan-an ló yẹ kó béèrè. Ọ̀gá tó bá rí i pé òṣìṣẹ́ fi ohun tó ní sílẹ̀ kó tó na ọwọ́ yóò mọ̀ pé kò wá ṣe fàájì.

Bí yóò ṣe dá a padà ló gba ìrònú jù. Bí wọ́n bá yọ ₦32,000 lẹ́ẹ̀kan náà ní ìparí oṣù Karùn-ún, tó sì fi ₦44,000 pamọ́ fún ẹgbẹ́, ₦20,000 ni yóò fi jẹun ní odidi oṣù. Dájúdájú yóò tún padà wá béèrè. Bí wọ́n bá pín in sí méjì, ₦36,000 ni yóò máa kù. Ṣùgbọ́n owó ẹgbẹ́ yóò tán ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù Keje. Nítorí náà a pinnu pé kí wọ́n yọ ₦8,000 ní oṣù Karùn-ún, ₦8,000 ní oṣù Kẹfà, kí wọ́n sì yọ ₦16,000 tó kù ní oṣù Keje, nígbà tí ọrùn rẹ̀ bá ti fúyẹ́. Nípa bẹ́ẹ̀, ₦44,000 ni yóò fi gbọ́ bùkátà ní oṣù méjì tó le.

Òfin Iṣẹ́ ti ilẹ̀ Nàìjíríà, tó ti wà láti 1974, sọ pé gbogbo ohun tí wọ́n bá yọ nínú owó òṣìṣẹ́ lóṣù kan kò gbọdọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ. Fún un, ìyẹn jẹ́ ₦32,000. Òfin yìí wà fún àwọn tó ń fi agbára ṣiṣẹ́ àti àwọn akọ̀wé. Kò kan àwọn alákòóso àti àwọn onímọ̀ṣẹ́. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi ń san ti ẹgbẹ́, nítorí náà ìyẹn kò sí nínú ìṣirò ilé iṣẹ́.

Yorùbá ni ọ̀gá rẹ̀, a sì kọ lẹ́tà náà ní Yorùbá. Lẹ́yìn àkọlé, inú rẹ̀ kò ju èyí lọ:

“Mo fi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ béèrè ₦32,000 lára owó oṣù mi ṣáájú ọjọ́ 15 oṣù yìí. Mo jẹ ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ wa ní ₦44,000 tí mo gbọ́dọ̀ san lọ́jọ́ náà lórí owó tí mo yá fún iṣẹ́ abẹ ọmọ mi. Ìjì ba òrùlé wa jẹ́, mo sì ná owó tí mo tọ́jú sí i. ₦12,000 wà lọ́wọ́ mi. Mo gbà kí ẹ yọ ₦8,000 ní ìparí oṣù Karùn-ún, ₦8,000 ní oṣù Kẹfà, àti ₦16,000 ní oṣù Keje. Bí mo bá fi iṣẹ́ sílẹ̀ kí ó tó tán, kí ẹ yọ èyí tó kù nínú owó tó bá tọ́ sí mi. Ẹ̀dà káàdì ẹgbẹ́ wà pẹ̀lú lẹ́tà yìí. Èmi ni tiyín ní tòótọ́.”

Ó ní ó gbẹ jù, kò ní àdúrà. Mo ní kó fẹnu ṣe àdúrà nígbà tó bá ń fi lé ọ̀gá lọ́wọ́. Ọjọ́ keje oṣù ló fi sílẹ̀, kí àyè lè wà fún ìbéèrè.

Ní ọjọ́ kẹta, ọ̀gá pè é. Ó fọwọ́ sí iye owó àti oṣù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ṣùgbọ́n ó ní tààrà sínú àpò ẹgbẹ́ ní báńkì ni òun yóò san án. Inú ọmọbìnrin náà kò dùn. Ó ní ó dà bí ẹni pé wọn kò fọkàn tán òun. Èmi kò rí ohun tó burú níbẹ̀, nítorí ibi tí lẹ́tà ní owó náà ń lọ ló lọ. Ó fi ₦12,000 ti ara rẹ̀ kún un, rìsíìtì sì tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ ní ọjọ́ kẹtàlá.