Gàrí Ìjẹ̀bú ní Lọ́ńdọ̀nù

Ẹnikẹ́ni tí ó bá gbọ́ pé mo ń gbèrò láti máa kó gàrí Ìjẹ̀bú wá ta fún àwọn ènìyàn wa ní Lọ́ńdọ̀nù, ohun tí yóò kọ́kọ́ bi mí ni iye tí mo ń rí i rà nílé. Ìbéèrè gidi ni, ṣùgbọ́n òun kọ́ ni kì í jẹ́ kí n sùn. Pọ́n-ùn 1,200 tí mo tọ́jú láti inú owó iṣẹ́ alẹ́ ni mo fẹ́ fi dá òwò yìí sílẹ̀, ohun tí ó sì lè gbé e mì ni ọ̀nà tí ó wà láàrin Èkó àti ibí yìí.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti rírà. Kọ́ńgò ni wọ́n fi ń wọn gàrí lọ́jà nílé, ẹni tí ó bá lawọ́ yóò bù ú kún ju ahun lọ; bẹ́ẹ̀, kílò ni ará Lọ́ńdọ̀nù yóò sanwó lé lórí. Nítorí náà ni ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi, tí ń bá mi rà á ní Ìjẹ̀bú-Òde, ṣe ń gbé àpò kọ̀ọ̀kan lé orí ìwọ̀n. Lẹ́yìn èyí, yóò bu díẹ̀ sínú ìgò gbígbẹ, yóò dé e pa, yóò sì gbé e sí oòrùn. Bí ìrì bá sẹ̀ sí ara ìgò nínú, gàrí náà kò tíì gbẹ tó, kí ẹni tí ó yan án dá a padà sí agbada. Kì í ṣe àṣejù. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni ẹrù ń lò nínú àpótí irin lórí òkun. Àpótí náà yóò gbóná lọ́sàn-án, yóò tutù lóru, omi yóò sì máa kán láti òrùlé rẹ̀ sórí ẹrù bí òjò. Gàrí tí kò gbẹ yóò ti bu kí ó tó rí èbúté.

Ẹlòmíràn yóò ní kí n fi ọkọ̀ òfurufú kó o. Gàrí wúwo, kò sì wọ́n. Bí a bá ní pọ́n-ùn 4 ni wọ́n ń gbà lórí kílò kan, tí oníbàárà sì fẹ́ rà á ní pọ́n-ùn 3, kí ni a ń tà?

Ní ti ọkọ̀ òkun, àyè tí ẹrù gbà ni wọ́n ń wò: mítà kan ní gígùn, mítà kan ní ìbú, mítà kan ní gíga, àfi bí ẹrù inú rẹ̀ bá ju kílò 1,000 lọ. Lítà gàrí kan tí mo fúnra mi wọ̀n súnmọ́ gíráàmù 600. Bí a bá yọ àlàfo inú páálí kúrò, àyè náà yóò gba bíi kílò 450. Mo fi pọ́n-ùn 200 sí ti ọlọ́kọ̀, mo fi 250 sí ti èbúté, ti aṣojú tí yóò bá mi gba ẹrù lọ́wọ́ àwọn aṣọ́bodè, àti ti ẹni tí yóò gbé e délé. Pọ́n-ùn kan ni ó bọ́ sí lórí kílò. Ṣùgbọ́n bí mo bá kó ìdajì, kò sí ẹni tí yóò dín owó tirẹ̀ kù nínú wọn, kílò kan á sì di pọ́n-ùn 2. Ọkọ̀ ni ó ń sọ iye tí n ó kó, kì í ṣe ọjà. Ilé tí ó fẹ́ràn gàrí lè jẹ kílò 2 lóṣù. Kílò 450 ń fẹ́ ilé 75 fún oṣù 3.

Nítorí èyí ni mo fi wá oníbàárà kí n tó wá ọkọ̀. Mo ní kí wọ́n fi kílò 20 ránṣẹ́ nípa òfurufú, mo ti gbà pé owó yẹn lọ nìyẹn. Mo dì í ní ìdajì kílò, mo sì pín in fún ilé 40 ní ìjọ wa àti ní ẹgbẹ́ ọmọ ìlú. Gbogbo wọn ni ó yìn ín. (Ta ni yóò bú gàrí ọ̀fẹ́?) Mo padà lọ bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n san ìdajì owó kílò 6 sílẹ̀: ilé 18 ni ó san. Ìyá kan tí ó ní ṣọ́ọ̀bù ní Pẹ́kámù ní, “Ọmọ mi, gbé e wá. Bí mo bá tà á tán, n ó fún ọ lówó.” N kò bínú sí wọn, ṣùgbọ́n aṣojú èbúté kì í gba àwìn.

Ilé 18 yẹn, kílò 108 ni. Mo wá ń wá ẹni tí yóò bá mi pín àyè. Ẹnìkan ní ẹ̀wà ni òun fẹ́ fi sí i, mo kọ̀. Ní 2015 ni Ìṣọ̀kan Yúróòpù, tí Ìlú Ọba ṣì wà nínú rẹ̀ nígbà náà, fi òfin de ẹ̀wà gbígbẹ láti Nàìjíríà nítorí oògùn kòkòrò tí wọ́n bá nínú rẹ̀. Bí aṣọ́bodè bá dá páálí ẹ̀wà dúró, gàrí mi yóò bá a dúró, owó ìdúró yóò sì máa gorí owó. Aláṣọ àdìrẹ kan láti Abẹ́òkúta ni ọ̀rọ̀ wa wọ̀ báyìí. Òun yóò gba ìdajì àyè, yóò sì san ìdajì owó. Kílò 225 ni yóò kù fún mi, pọ́n-ùn kan lórí kílò. Ilé 20 sí i ni mo ń wá.