Ọkọ̀ tó dúró síta náà ń jẹ owó

Ẹ̀yin ará Woolwich àti Thamesmead, ẹ bá mi ka èyí dé ìparí. Àǹtí wa kan tó ń ta iṣu àti ata ní Thamesmead máa kó àjọ lóṣù tó ń bọ̀, ó sì fẹ́ fi gbogbo rẹ̀ ra ọkọ̀ akẹ́rù. Ó ní: "Ẹni tó ń bá mi kẹ́rù láti ọjà New Spitalfields ń gba £50. Dísẹ́ẹ̀lì ò lè ju £6 lọ. Ṣé kì í ṣe pé wọ́n ń rẹ́ mi jẹ ni?"

Mo ní, "Àǹtí, ẹ jẹ́ ká pín ìnáwó ọkọ̀ sí méjì." Àkọ́kọ́ ni owó ìdúró, èyí tí ẹ máa san bí ọkọ̀ ò tilẹ̀ kúrò níwájú ilé: inṣọ́ránsì, owó orí ọkọ̀, MOT, àti bí iye ọkọ̀ ṣe ń já wálẹ̀ lọ́dọọdún. A ro ó pọ̀, ó jẹ́ £450 lóṣù. Èkejì ni owó ìrìn: dísẹ́ẹ̀lì, táyà, àtúnṣe, àti owó ihò abẹ́ odò Blackwall. Ìyẹn jẹ́ pẹ́nì 25 ní kìlómítà kan. Àlọ àti àbọ̀ jẹ́ kìlómítà 40, ó di £10.

£50 ẹni tó ń kẹ́rù, tí a bá fi 40 pín in, £1.25 ni kìlómítà kan. Ọkọ̀ tiwọn yóò fi £1 pamọ́ fún wọn ní kìlómítà kọ̀ọ̀kan. Kí £450 tó padà wọlé, ọkọ̀ gbọ́dọ̀ rin kìlómítà 450 lóṣù, ìyẹn ìgbà 11 àti díẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹjọ péré ni Àǹtí ń lọ. Tí wọ́n bá gba ọkọ̀, £400 ni. Tí wọ́n bá ra tiwọn, £530 ni.

Ni wọ́n bá rí ọkọ̀ àtijọ́ olówó pọ́ọ́kú kan, tí owó ìdúró rẹ̀ jẹ́ £400. Ṣùgbọ́n dísẹ́ẹ̀lì ni, kò sì tó Euro 6. Láti 29 Oṣù Kẹjọ 2023, ULEZ ti gba gbogbo Lọ́ńdọ̀nù: £12.50 lọ́jọ́ tí ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ bá rìn. Èrè £40 lórí ìrìn kan á di £27.50, wọ́n á sì ní láti lọ ju ìgbà 14 lọ. Ọ̀gànjọ́ òru ni ọjọ́ ń yí padà: ẹni tó jáde ní aago 11 alẹ́, tó dé ní aago 2 òru, £25 ló máa san.

Ó ku awakọ̀. Owó rẹ̀ wà nínú £50 yẹn. Àǹtí ò mọ ọkọ̀ wà. Tí wọ́n bá ń fún ọmọ ẹ̀gbọ́n wọn ní £20 nígbà kọ̀ọ̀kan, kódà lórí ọkọ̀ tó dáa, èrè ìrìn kan á di £20. £450 á wá gba ìrìn 23 lóṣù.

Àǹtí ò tíì ra ọkọ̀. Wọ́n ra ìwé kékeré kan, ibẹ̀ ni wọ́n ń kọ iye ìgbà tí wọ́n lọ ọjà sí. Iye yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀ kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan owó àjọ.