Kí fọ́tò ìdílé tó kúrò nínú kọ̀ǹpútà, kí ẹ̀dà rẹ̀ kọ́kọ́ pé méjì

Ní ọ̀pọ̀ ilé, fọ́tò àti fídíò ló sábà máa ń kún inú kọ̀ǹpútà àgbélétan, kì í ṣe iṣẹ́. Ìdílé kan ní Ìbàdàn wà nínú irú ìṣòro bẹ́ẹ̀. Àyè 256 jígábáìtì ni kọ̀ǹpútà wọn ní, fọ́tò ọdún mọ́kànlá sì ti gba 140 nínú rẹ̀: ìsọmọlórúkọ ọmọ mẹ́ta, ìgbéyàwó àbúrò, àti fídíò tí ìyá àgbà ti ń ki àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ ní oríkì kí ọlọ́jọ́ tó dé. Baálé ilé pinnu láti kó gbogbo rẹ̀ sínú háàdì dírafù kan, kí ó sì pa èyí tó wà nínú kọ̀ǹpútà rẹ́. Ìyàwó rẹ̀ ló bi í pé, "Bàbá àwọn ọmọ, bí dírafù yẹn bá já bọ́ sílẹ̀, níbo lẹ ti fẹ́ rí oríkì Màmá?"

Ìbéèrè yẹn ni ìpìlẹ̀ ọ̀rọ̀. Fọ́tò tí a kó kúrò nínú kọ̀ǹpútà sínú dírafù kan ṣoṣo kò ní ẹ̀dà rárá. Ilé ló kàn ṣí. Nítorí náà, wọ́n ra dírafù méjì, tẹ́rábáìtì 1 ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wọn kò ra àpótí ìpamọ́ tí gbogbo ilé lè máa lò láti orí Wáì-Fáì, nítorí pé ó ń fẹ́ iná nígbà gbogbo, wọn kò sì ní ẹ̀rọ amúnádúró. Dírafù kékeré ń gba iná láti ara kọ̀ǹpútà, bí bátìrì bá sì dára, iná tó lọ lójijì kò ní dá iṣẹ́ rẹ̀ dúró.

Nígbà tí wọ́n so dírafù mọ́ kọ̀ǹpútà, 931 ni Windows kọ dípò 1,000. Èyí kì í ṣe jìbìtì: ẹgbẹ̀rún-ẹgbẹ̀rún ni olùṣe dírafù fi ń ka tirẹ̀, 1,024 ni Windows fi ń kà. Jìbìtì gidi ni dírafù tẹ́rábáìtì 16 tí wọ́n ń tà ní owó pọ́ọ́kú. Orúkọ fáìlì yóò hàn lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n fáìlì náà kò ní ṣí. Ètò ọ̀fẹ́ tí ń jẹ́ H2testw máa ń kọ nǹkan kún dírafù, á sì kà á padà. Ibẹ̀ ni àṣírí ti ń tú.

Bàbá ilé ń lo Windows, ọmọ wọn àgbà ń lo Mac. Mac lè ka dírafù NTFS ṣùgbọ́n kì í lè kọ nǹkan sí i fúnra rẹ̀, nítorí náà exFAT ni wọ́n yàn kí wọ́n tó kó ohunkóhun sí i. Àléébù exFAT ni pé ó rọrùn láti bàjẹ́ bí a bá já a yọ nígbà tó ń kọ nǹkan lọ́wọ́. Ẹ tẹ Eject kí ẹ tó fà á yọ.

Ọ̀nà ìkó-ẹrù náà ṣe pàtàkì. Ẹ má ṣe lo Cut. Ẹ̀dà ni kí ẹ ṣe. Àṣẹ yìí ni wọ́n lò, E sì ni lẹ́tà dírafù náà:

```
robocopy C:\Users\Ile\Pictures E:\Foto /E /FFT
```

/E ń kó gbogbo fódà inú fódà. /FFT ń jẹ́ kó fojú fo ìyàtọ̀ ìṣẹ́jú-àáyá méjì nínú àkókò fáìlì. Bí iṣẹ́ bá dúró lágbedeméjì, ẹ tún un pa láṣẹ. Èyí tó kù nìkan ni yóò kó. Ṣùgbọ́n ẹ sá fún /MIR. Ohun tí kò bá sí nínú kọ̀ǹpútà mọ́, òun náà ni yóò pa rẹ́ nínú dírafù. Ẹni tó ti pa fọ́tò inú kọ̀ǹpútà rẹ́, tó wá lo /MIR, ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ nu ìtàn ìdílé rẹ̀ nù.

Lẹ́yìn tí wọ́n ti kó o sínú dírafù méjèèjì, wọ́n ṣí Properties fódà kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì fi iye fáìlì àti Size wéra. Size on disk lè yàtọ̀. Ìyẹn kò burú. Ṣùgbọ́n iye tó bára mu kò fi hàn pé fáìlì pé nínú, nítorí náà wọ́n ṣí fọ́tò díẹ̀ láti ọdún kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì gbọ́ oríkì Màmá láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin lórí dírafù méjèèjì. Ìgbà náà ni wọ́n tó pa ti inú kọ̀ǹpútà rẹ́. Àyè kò sì tíì ṣí títí wọ́n fi kó Recycle Bin dànù.

Dírafù kan wà nílé báyìí. Èkejì wà lọ́dọ̀ àbúrò ìyàwó ní Abẹ́òkúta, nítorí olè tàbí iná tó bá wọlé kì í yan ọ̀kan sílẹ̀. Ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, wọ́n ń pààrọ̀ wọn, wọ́n sì ń kó fọ́tò tuntun sí èyí tó bá dé. Títí fọ́tò kan yóò fi dé orí dírafù kejì, wọn kì í pa á rẹ́ nínú kọ̀ǹpútà.