Okùn kọ́ ló jẹ̀bi

Okùn la kọ́kọ́ fura sí. Géèmù àbúrò mi á yọ lójú kọ̀ǹpútà, á pòórá, kò ní dé inú ìbòjú VR tó dè mọ́jú rárá. Ó ti ra okùn méjì níbí ní Ilé-Ogbó, ó tún ń wá owó ẹ̀kẹta. Mo ní kó dúró ná. Bí okùn bá bàjẹ́, tàbí tó jẹ́ èyí tí wọ́n ṣe fún ṣájì nìkan, yàrá tí kọ̀ǹpútà máa ń fi hàn nínú ìbòjú kí géèmù tó bẹ̀rẹ̀ kò ní hàn, tàbí kó máa gé. Tiwa hàn kedere. Bó bá sì jẹ́ pé iná lọ, tí òkùnkùn kò jẹ́ kí kámẹ́rà ìbòjú rí ògiri, ìbòjú fúnra rẹ̀ ni yóò sọ, tiwa kò sì sọ nǹkan kan.

Ó ku OpenXR. Géèmù kì í bá ìbòjú sọ̀rọ̀ tààrà. Á bi Windows pé ta ni alágbàsọ, ẹyọ kan ṣoṣo ni Windows sì máa ń dárúkọ. A tẹ èyí:

```
reg query HKLM\SOFTWARE\Khronos\OpenXR\1 /v ActiveRuntime
```

Ó tọ́ka sí fáìlì SteamVR, bẹ́ẹ̀ àbúrò mi ti fọwọ́ ara rẹ̀ pa fódà SteamVR rẹ́ kí àyè lè wà lórí kọ̀ǹpútà. Géèmù ń kanlẹ̀kùn ilé tí kò sẹ́nì kankan nínú rẹ̀ mọ́. A wọ sẹ́tíǹgì áàpù ìbòjú lórí kọ̀ǹpútà, a fi òun ṣe alágbàsọ OpenXR, géèmù sì ṣí. Owó okùn méjì yẹn ṣì ń dùn mí.